Ọjọ́ Wo Ni Àlejò Ń Lọ?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó tún ru sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, oníbàtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Aláwọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ tó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ jẹ́, nítorí ìlà kan péré nínú lẹ́tà. Èmi ni mo tẹ lẹ́tà yẹn. Èmi náà ni mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń jẹ bébà bí ewúrẹ́, àti àga onígi kan tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé, tí wọ́n á máa ro ẹjọ́ ayé wọn fún mi bí ẹni pé èmi ni mo kó wọn sí wàhálà. Ìwé ìwáṣẹ́, ìwé ilẹ̀, ìwé ìpè fún àwọn tó fẹ́ gba físà, kò sí èyí tí n kì í tẹ̀. Ata ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. Ó ní láti kékeré ni ẹni tó bá fọwọ́ kàn mí ti máa ń nu ojú. Mi ò bá a jiyàn.

Òun ní tirẹ̀, ẹ bú u, á rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, yàrá gígùn kan tó ń rùn fún awọ àti gọ́ọ̀mù. Gbogbo ara ògiri ibẹ̀ ni igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń ran bàtà lé, wà, láti orí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn títí dé ti àgbàlagbà, wọ́n fi okùn so wọ́n rọ̀. Ìwé rẹ̀ kò jìnnà. Ó lè ka nọ́ńbà, ó lè ka ohun tí wọ́n bá kọ ní èdè wa bí ẹnikẹ́ni ò bá kán an lójú, ṣùgbọ́n bí èdè òyìnbó bá ti wọ̀ ọ́, ó di kí ó máa wo ẹnu mi. Ẹ wá gbé awọ lé e lọ́wọ́. Ẹ ò ní tíì mu omi tán kí ó tó sọ fún yín ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó lọ síwájú. Kò sí ẹni tó wọ ilé rẹ̀ rí tí ara rẹ̀ yá láti jáde. Bí àlejò bá dìde, tó ní, "Ẹ jẹ́ n máa lọ," ẹ̀gbọ́n mi á gbójú sókè, á ní, "Ta ló lé ẹ?" Bó ṣe máa ń dá gbogbo wọn lóhùn nìyẹn. Ọkùnrin kan wá sá òjò lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, ilé rẹ̀ náà ló ti fẹ́ ìyàwó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá a jà títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá ra ìkòkò tó tóbi sí i.

Òyìnbó tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù bàtà mélòó kan ní ìlú tirẹ̀. Ẹnì kan ló wọ sálúbàtà ẹ̀gbọ́n mi dé ibẹ̀, òyìnbó náà rí i, ó béèrè títí ó fi rí nọ́ńbà wa. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe ti òun fúnra rẹ̀ wò. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ bébà, ó fi kálàmù yí i ká, ó fi ránṣẹ́. Háà! Bébà náà kò gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ igi tuntun fún un, ó sì gbé e kọ́ sí àárín ògiri. A mọ ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí fún ọdún méjì kí a tó mọ ojú rẹ̀.

Láàárín ọdún méjì yẹn, ó ń rà, à ń fi ránṣẹ́, èmi ni mò ń bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ kí àwọn di alájọṣe. Òun á gbé ẹ̀rọ tó ń gé awọ wá, ẹ̀gbọ́n mi á máa ṣe bàtà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù òun láti oṣù dé oṣù. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ní ilé iṣẹ́ lọ́hùn-ún ní àwọn ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan àfi bí ọ̀kan nínú àwọn bá fojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà náà. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí ni o. Bí ó bá kọjá ìgbà yẹn, oníbàtà kan wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn tí òun náà ti fi bàtà tirẹ̀ ránṣẹ́, òun ni wọ́n á mú. Kíá ni ẹ̀gbọ́n mi ti dá iṣẹ́ bàtà ọmọ ilé ìwé tó ń ṣe lọ́dọọdún padà fún àwọn tó ń gbé e fún un, ó gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà kún àwọn tó ní. Ṣé ẹ rí i? Ó ti wọ inú omi kó tó bọ́ aṣọ.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fáìlì kan lábíyá, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ata, bá mi kọ̀wé sí àwọn ará ẹ́ḿbásì. Sọ fún wọn pé èmi ni mo pe Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá."

"Wọn ò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni wọ́n mọ̀."

Mo jókòó, mo fi sùúrù ṣe é. Orí ìwé tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Mo dárí rẹ̀ sí ọ̀gá tó ń rí sí físà ní ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè wa tó wà ní ìlú ọkùnrin náà. Mo kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìwé náà, ipò tó wà ní ilé iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń dòwò pọ̀. Mo sọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe: pé yóò wo ibi iṣẹ́, wọn yóò jọ jíròrò lórí àdéhùn, kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ibi tí yóò dé sí, ẹni tí yóò bọ́ ọ, àti pé ẹni tó pè é yóò rí i dájú pé ó padà kí físà rẹ̀ tó tán. Mo so ẹ̀dà ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ mọ́ ọn, àti ti káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá ń kà á sí i létí ní èdè wa, ó ń mi orí, títí mo fi dé ibi tí mo ti ní, "Yóò dé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, yóò sì kúrò ní ọjọ́ kẹrìnlá."

Orí tó ń mì dúró.

"Yọ ìyẹn kúrò."

"Èwo?"

"Ọjọ́ tí ó máa lọ. Yọ ọ́. Kò tíì dé, o ti ń lé e."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló lé e? Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wá nìyẹn!"

"A kì í sọ ọjọ́ tí àlejò máa lọ fún un. Èmi ò ní fọwọ́ sí i."

Mo ní láìsí ìyẹn kò sí físà. Ó ní ṣé olè ni ọkùnrin náà ni, tí òun á fi ṣèlérí pé òun á ṣọ́ ọ padà sílé. Mo ní ọ̀rọ̀ òfin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú rere. Ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn oníbàárà mi ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń dá sí i, ó ní òótọ́ ni bọ̀ọ̀dá ń sọ. Mo lé ìyẹn jáde. Níkẹyìn ẹ̀gbọ́n mi ká lẹ́tà náà sínú fáìlì, ó ní, "Mo ti gbọ́," ó lọ láti lọ tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn ní ilé iṣẹ́. Èmi òmùgọ̀, mo rò pé ó gbà.

Kò gbà o. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù lódìkejì títì ló gbà lọ, èyí tó ní kọ̀ǹpútà tí kò sì ní làákàyè. Ó ní kó bá òun tún un tẹ̀. Wọ́n yọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n fi èyí tó wù wọ́n sí i, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn gbà-á, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá rí i, inú rẹ̀ dùn, ó mú un lọ sí ẹ́ḿbásì pẹ̀lú ìwé tirẹ̀.

Wọn ò fún un ní físà.

Àárọ̀ kan ni ìròyìn náà wọlé sórí fóònù mi. Ó ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fi kọ̀ fún un. Wọ́n ní kò sí ohun tó fi hàn pé ó ń padà sílé, pé ìgbà tó fẹ́ lò kò ní òpin, pé iṣẹ́ ló sì dà bíi pé ó ń bọ̀ wá ṣe. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ò mọ ohun tí òun ṣe. Mo ní kó fi lẹ́tà tó mú lọ hàn mí. Nígbà tí mo kà á, ojú mi ṣú.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sí ọ̀gá tó ń rí sí físà: "Ọkùnrin yìí ti di ọmọ ìyá mi. Ilé mi ni ilé rẹ̀. Yóò jókòó tì wá, a ó jọ máa ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò lọ, bí kò bá sì wù ú láti lọ, àyè wà." Ẹ gbà mí o! Àyè wà! Ta ló ń kọ àyè wà sí ẹ́ḿbásì?

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mi ò rántí pé mo ti ìlẹ̀kùn, àwọn ará àdúgbò ló sọ fún mi. Nígbà tí mo dé ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi bàtà sáàárín orúnkún, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n!" Mo kí i tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí inú ṣe ń bí mi tó, mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde, mo wá fẹnu sí i. "Wọn ò fún un ní físà. Ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yín gbá a dànù!"

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Wọ́n kọ̀ fún un kẹ̀? Kí ló ṣe?"

"Òun kọ́! Ẹ̀yin ni! Ẹ ní àyè wà! Ṣé ẹ fẹ́ kó wá fẹ́ ìyàwó síbí bíi tẹni tó wá sá òjò ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí i, mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ, torí bí oṣù kẹsàn-án bá parí, ìta ni òun àti àwọn márùn-ún tó kù máa ti rẹ́rìn-ín náà parí. Mo ti sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

"Ata," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "jáde."

"Ọjọ́ kan péré ni mo ní kí ẹ kọ! Ọjọ́ kan! Kí ni ọjọ́ ṣe yín?"

"Mo ní kí o jáde."

Mo jáde. Mo fẹsẹ̀ gbá agolo gọ́ọ̀mù kan lójú ọ̀nà, gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ mi ní bàtà, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni bàtà náà sì ti wá, ìyẹn tún wá bí mi nínú. Mo bú u délé. Mo bú u lórí oúnjẹ. Ọkọ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo bú òun náà mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tán, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sórí àga onígi yẹn. Kò tẹjú mọ́ mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń wò.

"O kéré," ó ní, "ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ẹ́ sí nígbà tí ìyá wa kú."

Ìyẹn mo mọ̀. Bàbá wa ti ṣáájú ìyá wa lọ. Ìyá ìyá wa ló gba èmi, ó sì gẹ̀ mí ju ọmọ tó bí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, mọ̀lẹ́bí bàbá wa kan ló mú un, ọkùnrin ńlá kan báyìí, ilé tó ní òkè àti ìsàlẹ̀. Èmi tiẹ̀ máa ń jowú ilé yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Ìyàwó ọkùnrin yẹn," ẹ̀gbọ́n mi ní, "kò pe orúkọ mi rí. Àlejò ló ń pè mí. 'Àlejò, gbá ilẹ̀. Àlejò, lọ pọnmi.' Láràárọ̀, bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i, ohun tó máa fi dá mi lóhùn ni, 'Àlejò, ọjọ́ wo lò ń lọ?'"

"Ó ń bá yín ṣàwàdà ni?"

"Ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé àwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí n dá a lóhùn." Ó fi ọwọ́ nu orúnkún. "Ata, níbo ni mo fẹ́ lọ? Mi ò mọ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ. Mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo máa ń wá ọjọ́ kan tí mo lè sọ fún un. Mi ò rí. Irùngbọ̀n hù sí mi nílé yẹn, ó ṣì ń bi mí."

Ó ní ohun tó sọ òun di oníbàtà gan-an nìyẹn. Bàbá kan wà ní oríta tó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ agboòrùn. Bí òun bá ti parí iṣẹ́ ilé, òun á lọ jókòó tì í. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀. Kò bi òun ní ibi tí òun ti wá, kò bi òun ní ìgbà tí òun máa dìde. Nígbà tó yá ó na abẹ́rẹ́ sí òun. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Mo wá búra fún ara mi," ó ní, "pé bí mo bá ní ilé, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọjọ́ wo lò ń lọ. Ẹnikẹ́ni."

Ẹ wò ó, mo ti bínú láyé mi, ṣùgbọ́n kò tíì tó tàárọ̀ yẹn. Mo bínú sí obìnrin yẹn débi pé mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Gbogbo ọdún ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, tí mo máa ń pè é ní Màmá! Ó máa ń fún mi ní bísíkíìtì! Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé e mì títí orí rẹ̀ fi funfun. Mo tún bínú sí àwọn ará ẹ́ḿbásì, torí pé nínú gbogbo ìbéèrè tó wà láyé, ìbéèrè obìnrin yẹn gan-an ni wọ́n ń béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "bí a ò bá kọ ọ́, kò lè wá rárá. Ẹni tí kò dé, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbà á lálejò?"

"Tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n má kà á sí mi létí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo dá gbogbo ohun tí wọ́n yọ padà, ọjọ́ tó ń bọ̀, ọjọ́ tó ń lọ, ìlérí pé yóò padà. Mo fi kún un pé lẹ́tà ìṣáájú kò sọ ìdí àbẹ̀wò náà bó ṣe yẹ, pé èyí ló rọ́pò rẹ̀, torí bí wọ́n bá ti kọ̀ fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n máa ń fi ìwé tó wọlé tẹ̀ lé e wé ti àkọ́kọ́. Mo ní kí Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá náà fi ìwé ọkọ̀ òfurufú àlọ àti àbọ̀ kún tirẹ̀, kí ọjọ́ inú rẹ̀ bá tinú lẹ́tà mu. Owó físà tuntun ló san, wọn ò dá ti àkọ́kọ́ padà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí lẹ́tà náà lójú mi, ó fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, torí èmi fúnra mi ni mo lọ gbé òǹtẹ̀ yẹn wá. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọ́n pè wá láti ẹ́ḿbásì. Wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà míì, láti mọ̀ bóyá ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni mo wà, mo wá mú bàtà mi tí gọ́ọ̀mù bà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Ọmọ ilẹ̀ wa ni obìnrin tó pè, èdè wa ló sọ, ó kí i dáadáa. Ó bi í léèrè orúkọ àlejò. Mo kọ ọ́ sórí awọ kan, ẹ̀gbọ́n mi kà á. Ó bi í ní irú òwò tí wọ́n ń ṣe, ìyẹn ló sọ bí omi. Ó bi í ní ibi tí àlejò máa dé sí, ó ní ilé òun ni, òun ti kun yàrá rẹ̀.

"Ẹ ṣé, bàbá," obìnrin náà ní. "Ọjọ́ wo ló ń lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, kò sọ̀rọ̀. Òógùn yọ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò ó, àwọn mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ̀nyẹn, gbogbo wọn ti gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ ń gbọ́ mi? Mo ní ọjọ́ wo ni àlejò yín ń lọ?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá," ó ní. "Oṣù kẹsàn-án."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú hámà tó wà níwájú rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri, igi ẹsẹ̀ mélòó kan já bọ́. Láyé mi, mi ò rí i kí ó bínú bẹ́ẹ̀ rí. Ó jáde lọ sẹ́yìn ọgbà, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n fún un ní físà.

Nígbà tí Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Ó ga, ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó máa ń forí gbá igi ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́, á sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ igi náà. Ó rí igi ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ògiri, ó fọwọ́ bò ó. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wò ó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á jókòó títí láìsọ̀rọ̀, ara wọn á sì balẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní ṣọ́ọ̀bù mi, lórí bébà tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjọ́ kankan létí àlejò òun. Ìyàwó rẹ̀ yí kàlẹ́ńdà palọ̀ dojú kọ ògiri.

Ọjọ́ kẹrìnlá dé, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ti ilé iṣẹ́ wọlé lọ́sàn-án, ó bá báàgì Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá ní àárín palọ̀, ọkùnrin náà jókòó tì í, ó wọ sálúbàtà wa. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ni mo fẹ́ sìn ín lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wo báàgì, ó wo mí, ó wo àlejò rẹ̀.

"Ta ló lé ẹ?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mọ́, kò ní ibi kankan nínú. Ó na ìka sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Òun náà ni. Òun ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí n lọ lónìí."

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu mi. "Kí ló wí?"

Inú tún bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú gidi nìyí, ó wà lẹ́nu mi.

"Ó ní kò sẹ́ni tó lé òun," mo ní. "Ó ní ìyá òun ló ń retí òun nílé."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ba, ó gbé báàgì náà fúnra rẹ̀, ó gbé e lé èjìká.

"Háà. Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń retí, kó tètè máa lọ."